Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kó owó kúrò nínú ìpín báńkì lọ sí ti sìmẹ́ńtì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wéẸgbẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ aláre. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Láti 2022 la ti ń fi díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ra ìpín, ti báńkì la sì rà jù, GTCO àti ZENITHBANK. Èrè ti wọlé dáadáa, a ò lè parọ́. Bí a bá tà á lónìí, nǹkan bíi ₦6 mílíọ̀nù ni.

Igbákejì alága wa lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Èkó, ó sì mú àwòrán kan bọ̀. Ó rí roboto, wọ́n pín in sí mẹ́rin: ìgbà tí ọrọ̀ ajé ń jí dìde, ìgbà tó gbóná, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, àti ìgbà tó dojú dé. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ irú ilé iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ máa ń ṣáájú sí. Nígbà ìjídìde, báńkì, sìmẹ́ńtì àti mọ́tò. Nígbà tó bá gbóná, epo rọ̀bì. Nígbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dojú dé, oúnjẹ, ọṣẹ, oògùn àti iná mànàmáná. Wọ́n ní kí èèyàn ṣáà máa bá a yípo.

Igbákejì ní Báńkì Àpapọ̀ dín èlé kù lóṣù kẹsàn-án 2025, láti 27.5% sí 27%, pé ìjídìde dé nìyẹn, pé báńkì ti jẹ tirẹ̀ tán, kí á tà á pátá kí á kó o sí sìmẹ́ńtì. Akápò ní irọ́ ni, pé ojú àwọn èèyàn ṣì le, oúnjẹ ni kí á rà. Ìpàdé kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, níbo la wà nínú àwòrán yìí gan-an, kí sì ni èèyàn máa wò tí yóò fi mọ̀?

ỌmọỌbańta (Lọ́ńdọ̀nù)

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni àwòrán yẹn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó níbí. Bí ara bá tu àwọn èèyàn, wọ́n á ra mọ́tò, wọ́n á kọ́lé, wọ́n á yá owó ní báńkì. Bí nǹkan bá le, mọ́tò lè dúró, ilé lè dúró, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣàìjẹun, wọn ò ní ṣàìfọṣọ, wọn ò sì ní ṣàìtan iná. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kì í fi í já bọ́ bíi ti àwọn yòókù.

Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ má kánjú. Ẹ dúró kí ìjọba fi nọ́ńbà tiwọn jáde pé ọrọ̀ ajé ti gbé pẹ́ẹ́lí, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá wá kéde pé ó ti dojú dé, kí ẹ sáré bọ́ sí oúnjẹ àti iná. Kò le rárá.

ÌyáSìmẹ́ńtì (Òkè-Ajé)

Ẹ̀yin ọmọ mi, sìmẹ́ńtì ò rọrùn tó bí ẹ ṣe ń pè é o. Mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi ₦6 mílíọ̀nù ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé owó tírélà kan ṣoṣo lè gbé apá tó pọ̀ lọ nínú ẹ̀, ẹ ò tíì sanwó ilé ìkópamọ́, àwọn kọ́ńtírákítọ̀ á sì gbà á ní àwìn. Tí òjò bá wọnú ẹ̀, ó di òkúta.

Ní oṣù kejì 2024, ṣé ẹ rántí? Báàgì kan kọjá ₦10,000, àwọn ibòmíì tà á tó ₦15,000. Ìjọba pe àwọn onílé iṣẹ́, wọ́n ní àwọn á máa tà á ní ₦7,000 sí ₦8,000. Àwọn tó máa ń ra igba báàgì lọ́wọ́ mi wá di ẹni tó ń ra ogójì. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń pọ̀ yanrìn mọ́ ọn títí búlọ́ọ̀kù fi ń fọ́ lórí ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Akọ̀wéẸgbẹ́

Ẹ ṣé, mà. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù la fẹ́ ṣí o. Ìpín ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é la fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa igba tó di ogójì yẹn dẹ́rù bà mí.

AlágbàtàÀná (Ṣágámù)

Mo ṣiṣẹ́ alágbàtà ìpín ní Èkó kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìmọ̀ràn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí òun ló lè ná yín lówó jù.

Ẹ má dúró de ìkéde ìjọba. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé nọ́ńbà oṣù mẹ́ta jáde lẹ́yìn tí oṣù mẹ́ta náà ti kọjá lọ tipẹ́. Ẹ wo 2020. Àjàkálẹ̀ àrùn dé, ọjà ìpín já bọ́ títí òǹkà rẹ̀ fi dé nǹkan bíi 20,700 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Òpin oṣù kọkànlá ni wọ́n tó kéde pé ọrọ̀ ajé wa ti wọ ìfàsẹ́yìn ní tòótọ́, torí ó súnkì ní 6.1% ní oṣù mẹ́ta kejì ọdún, ó tún súnkì ní oṣù mẹ́ta kẹta. Ṣùgbọ́n kí ìkéde yẹn tó jáde, ọjà ti gbéra. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, ọjà fò sókè tó 6% lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ní láti dá ọjà dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé òfin yẹn kalẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìkéde ìfàsẹ́yìn tó sì sá kúrò nínú sìmẹ́ńtì lọ́sẹ̀ yẹn, inú èrè ló ti sá. Ọdún náà parí ní 40,270.

2017 náà bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni ìròyìn jáde pé a ti bọ́ nínú ìfàsẹ́yìn 2016. Nígbà yẹn ọjà ti kúrò ní nǹkan bíi 25,000 lóṣù kẹrin, ó ti kọjá 35,000. Kí ló gbé e? Ní oṣù kẹrin ni Báńkì Àpapọ̀ ṣí ojú ọ̀nà tuntun tí àwọn òkèèrè fi lè mú dọ́là wọlé kí wọ́n sì mú un jáde. Àwọn tó mọ̀ rí i, wọ́n wọlé. Èyí tó kù jẹ́ ìròyìn.

Ní ti ìdí tí sìmẹ́ńtì fi ń ṣáájú, kì í ṣe torí pé àwọn èèyàn ń kọ́lé nìkan. Ẹ wo ìnáwó rẹ̀. Iná inú àdògán ńlá tí wọ́n fi ń sun òkúta kò ṣeé pa lónìí kí á tún tàn án lọ́la. Ká ní ilé iṣẹ́ kan tà ọjà ₦100. ₦50 jẹ́ ìnáwó tí kì í yẹ̀, yálà ó tà tàbí kò tà. ₦40 ń tẹ̀ lé iye tó tà. Èrè ₦10. Bí ọjà bá wá di ₦110, ìnáwó tó ń tẹ̀ lé e di ₦44, ₦50 ṣì wà ní ₦50, èrè di ₦16. Ọjà lé ní 10%, èrè lé ní 60%. Bí ọjà bá sì wá sílẹ̀ di ₦90, èrè ku ₦4. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ kì í rí bẹ́ẹ̀, torí àgbàdo, wàrà àti ṣúgà ló ń jẹ púpọ̀ nínú owó rẹ̀, bí ọjà bá dín, ìyẹn náà ń dín. Ìdí nìyẹn tí ìpín sìmẹ́ńtì fi ń fò kí ọjà tó dáa, tó sì ń já bọ́ kí ó tó bàjẹ́. Àwọn tó ń rà á ti ṣírò ₦16 yẹn kó tó dé.

ỌmọỌbańta

Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a ò bá ní wo nọ́ńbà ìjọba, kí la máa wò? Ṣé ká máa méfò ni?

AlágbàtàÀná

Rárá. Ẹ wo èlé tírẹ́ṣọ́rì olọ́dún kan, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ọdún kan. Abájáde títà rẹ̀ máa ń jáde lọ́sẹ̀ méjì méjì, ẹnikẹ́ni ló lè rí i lórí ojúewé Báńkì Àpapọ̀. Ohun tó gbé ọjà 2020 nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá 2019, Báńkì Àpapọ̀ ní àwọn tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn àti ẹni kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ra irú bíìlì kan tó máa ń san èlé gidi mọ́. Owó rẹpẹtẹ wá ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Gbogbo wọn ya lu tírẹ́ṣọ́rì, èlé rẹ̀ sì wálẹ̀ títí kò fi pé 1% ní oṣù kọkànlá 2020. Ta ló máa fi owó sílẹ̀ fún èlé tí kò pé 1% nígbà tí DANGCEM, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote, ń san ₦16 lórí ìpín kan? Ó di dandan kí wọ́n wá síbẹ̀.

Nítorí náà, èlé àti dọ́là ló ń yí àwòrán yẹn lọ́dọ̀ tiwa. Ní Amẹ́ríkà, oníbàárà tó ń yá owó ra ilé ló ń yí i. Níbí, ẹni mélòó ló yá owó báńkì kọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Òde? Díẹ̀díẹ̀ la fi ń kọ́ ọ, fáwọn míì ọdún mẹ́wàá.

TíṣàÀgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè)

Bàbá ti sọ ibi tó ṣe pàtàkì jù. Mo kàn fẹ́ yọ iná mànàmáná kúrò nínú àwòrán yẹn ni. Lóòótọ́, ní òkèèrè, ẹni tó ń ta iná ń gba owó rẹ̀ lóṣooṣù. Níbí, àwọn tó ń pèsè iná ń tà á fún ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rà á lápapọ̀, ìyẹn ò sì rí owó gbà tán lọ́wọ́ àwọn tó ń pín in káàkiri. Gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn apèsè iná ti kọjá ₦4 tírílíọ̀nù ní 2025. Ẹ ò lè máa pe ìyẹn ní ibi ìsádi.

Bí ẹ bá ń wá ohun tí ará Nàìjíríà kì í fi sílẹ̀ bí nǹkan ṣe ń le, tẹlifóònù ni. Ní oṣù mẹ́ta kejì 2020 tí gbogbo ọrọ̀ ajé súnkì ní 6.1% yẹn, iṣẹ́ tẹlifóònù dàgbà ní 18%. Ilé ni gbogbo wa wà, dátà la ń jẹ.

ÀkáǹtìRẹ́mọ (Ṣágámù)

Ẹ kú ìjókòó o. Ìṣirò owó ni mo ṣe láyé mi, ojú ọ̀nà ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ṣágámù ni mo sì ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, torí náà ẹ fún mi láyè. Ẹ ti ń sọ "sìmẹ́ńtì" bíi pé ẹnì kan ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ mú 2017 tí Bàbá sọ yẹn. Ìjídìde ni, sìmẹ́ńtì ló sì yẹ kó ṣáájú. DANGCEM pa èrè tó lé ní ₦200 bílíọ̀nù lọ́dún yẹn, ìpín rẹ̀ sì kúrò ní nǹkan bíi ₦174 lọ sí ₦230. WAPCO, ìyẹn Lafarge, tó ní ilé iṣẹ́ nílé wa níbí, tó ń ta ọjà kan náà fún àwọn oníbúlọ́ọ̀kù kan náà, pàdánù owó tó lé ní ₦30 bílíọ̀nù. Nígbà tí 2018 fi máa parí, ìpín tó ti tó ₦40 ti sún mọ́ ₦12. Ọjà kan náà, ìgbà kan náà.

Kí ló fà á? Gbèsè. WAPCO ti kó ilé iṣẹ́ mìíràn mọ́ra, ti Gúúsù Áfíríkà wà níbẹ̀, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ sì pọ̀, dọ́là wà nínú rẹ̀. Náírà jábọ́ ní 2016, gbèsè dọ́là di ìlọ́po lórí ìwé. Gbogbo ohun tó ń rí nínú títà, èlé ń jẹ ẹ́. Wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ta ti Gúúsù Áfíríkà ní 2019, wọ́n san gbèsè. Ìgbà tí 2020 wá dé, èlé kò jẹ ẹ́ mọ́, òun náà wá ń bá ìjídìde lọ. Ṣé ẹ rí i pé ìjídìde 2017 kọjá lórí rẹ̀, ó sì mú ti 2020?

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ tí akápò fẹ́ rà. Ẹ fi ojú inú wò ó: ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè dọ́là mílíọ̀nù kan, ₦461 mílíọ̀nù ni lórí ìwé ní òpin 2022. Ní òpin 2023, ₦907 mílíọ̀nù. Ní òpin 2024, nǹkan bíi ₦1.5 bílíọ̀nù. Kò yá kọ́bọ̀ kún un. NESTLE, tí Máàgì àti Máílò rẹ̀ wà ní gbogbo ilé, tó sì ní ilé iṣẹ́ lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Abẹ́òkúta níbí, pàdánù nǹkan bíi ₦79 bílíọ̀nù ní 2023, ti 2024 tún ju ìyẹn lọ. Ọdún tí ojú àwọn èèyàn le jù ni, àwòrán Igbákejì sì ní oúnjẹ ló yẹ kó gba èèyàn là. MTNN, ti tẹlifóònù tí Tíṣà ń yìn, òun náà pàdánù lọ́dún méjèèjì yẹn, dọ́là náà ló fà á. Ní 2025 tí náírà dúró, tí wọ́n sì ti gbé owó ọjà sókè, èrè padà, ìpín oúnjẹ sì gbéra.

Èmi ò ní bi yín pé ẹ wà níbo nínú àwòrán. Mo máa ní kí ẹ ṣí ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo iye tí èlé àti ìpàdánù dọ́là gbé lọ nínú èrè tí iṣẹ́ mú wá.

TíṣàÀgọ́

Mo gbà nípa MTNN, Ẹ̀gbọ́n. Oníbàárà kò sá, gbèsè ló ṣe é. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni àwòrán ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò sọ.

ÌyáSìmẹ́ńtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo tírẹ́ṣọ́rì, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ọjà fẹ́ dáa? Lójú mi ni. Bí ó bá ti ku oṣù mélòó kan sí Ojúde Ọba, gbogbo àwọn tó wà nílùú òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá wọn parí ilé, kí wọ́n má bàa sun hòtẹ́ẹ̀lì níwájú ẹgbẹ́ wọn. Tírélà ò ní dúró. Lọ́dún yìí náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìjídìde?

AlágbàtàÀná

Ìyá wa, ìyẹn jẹ́ ti ọdọọdún. Ojúde Ọba yóò wáyé yálà ọrọ̀ ajé jí tàbí ó sùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà bẹ́ẹ̀, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni títà sìmẹ́ńtì máa ń pọ̀, òjò á sì dín in kù. Iléyá pàápàá ń tètè dé sí i lọ́dọọdún, ó ń sún mọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti Iléyá àti èyí tó jẹ́ ti ojú ọjọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú yín ṣòfò. Bí ẹ bá ní ìwé tí ẹ kọ báàgì sí, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣáájú Iléyá ọdún yìí wé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣáájú Iléyá ọdún tó kọjá. Báàgì ni kí ẹ kà o, kì í ṣe náírà. Owó tó wọlé lè pọ̀ torí pé báàgì wọ́n. Ẹ tún wo ẹni tó rà á. Bí ó bá jẹ́ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù tó ń kó o sílẹ̀ de oníbàárà tí wọn ò tíì mọ̀, ìyẹn sún mọ́ ìjídìde ju ẹni tó ń parí ilé kan de Iléyá lọ.

ÌyáSìmẹ́ńtì

Ìwé wà. Kí n tú u wò lálẹ́.

Akọ̀wéẸgbẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku báńkì. Bí èlé bá ń wálẹ̀, ṣé kì í ṣe báńkì ló máa kọ́kọ́ jìyà? Ohun tí Igbákejì ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwòrán tó mú bọ̀ fúnra rẹ̀ kọ báńkì sí ìgbà ìjídìde. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi.

TíṣàÀgọ́

Igbákejì kò jìnnà sí òótọ́ níbẹ̀. Báńkì òkèèrè wà nínú ìjídìde torí pé àwọn èèyàn padà wá ń yáwó. Báńkì tiwa ti rí owó gidi láti inú tírẹ́ṣọ́rì àti ìwé gbèsè ìjọba tó ń san 20% sókè ní 2024, àti láti inú dọ́là tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí náírà jábọ́ ní oṣù kẹfà 2023. Èrè dọ́là yẹn ẹ̀ẹ̀kan ni, Báńkì Àpapọ̀ tilẹ̀ ní wọn kò gbọdọ̀ pín in fún onípìn-ín. Ní oṣù kẹwàá 2025, tírẹ́ṣọ́rì olọ́dún kan ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 16%. Bí ó bá tún ń wálẹ̀, níbo ni wọ́n á ti rí irú èrè yẹn?

AlágbàtàÀná

Níbi tí èmi àti Tíṣà ti yà nìyí. Ìwé gbèsè ìjọba tí báńkì ti rà nígbà tí èlé ga ṣì ń san èlé gíga títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé, bí èlé tuntun bá sì ti ń wálẹ̀, iye tí ìwé àtijọ́ yẹn tó lọ́jà ń lọ sókè. Èlé tí wọ́n ń san fún ẹni tó kówó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn náà yóò dín. Ọdún àkọ́kọ́ tí èlé bá ń wálẹ̀ kì í sábà burú fún báńkì. Ọdún kejì ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ohun tó ń dà mí láàmú ní ti báńkì ni owó ìpìlẹ̀ tuntun tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí wọ́n kó jọ: ₦500 bílíọ̀nù fún àwọn tó ń ṣòwò dé òkèèrè, gbèdéke rẹ̀ sì ni òpin oṣù kẹta 2026. Ìpín púpọ̀ ti jáde láti fi kó o jọ. Bí ìpín bá pọ̀, èrè kan náà ni wọ́n á pín sọ́nà púpọ̀.

TíṣàÀgọ́

Bàbá, mi ò gbà pé ọdún kan gbáko ló máa gbà. Nínú oṣù mẹ́fà, ọ̀pọ̀ nínú tírẹ́ṣọ́rì wọn ti máa pé ọjọ́, wọ́n á sì fi èlé tuntun rà á padà. Ìwé gbèsè ọlọ́dún gígùn nìkan ló máa dúró, iye rẹ̀ sì yàtọ̀ láti báńkì sí báńkì.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un fún Akọ̀wé. Àwọn onímọ̀ kan ṣe ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2009, wọ́n wo ọjà Amẹ́ríkà láti 1948 sí 2007. Wọ́n ní ká ní ẹnì kan mọ ọjọ́ tí ìgbà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí láìṣìnà, tó sì ń sún owó rẹ̀ bí àwòrán yẹn ṣe wí. Èrè tó fi ju ẹni tó ra gbogbo ọjà tó jókòó lọ kò ju nǹkan bíi 2.3% lọ́dún, kí wọ́n tó yọ owó alágbàtà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n láìṣìnà nìyẹn o.

ÀkáǹtìRẹ́mọ

Owó alágbàtà yẹn gan-an. Alágbàtà lè gbà tó 1.35% nígbà tí ẹ bá tà, tó tún gbà á nígbà tí ẹ bá rà. Ẹ fi owó ọjà ìpín, ti àjọ tó ń ṣọ́ ọjà, ti ibi tí wọ́n ń kó ìpín pamọ́ sí, owó òǹtẹ̀ àti owó orí lé e. Láti ta ₦6 mílíọ̀nù kí ẹ sì fi í ra òmíràn, ó lè gbé nǹkan bíi ₦200,000 lọ, tàbí kó lé. Ẹ kò tíì jèrè kọ́bọ̀. Ẹ bá alágbàtà yín dúnàádúrà, wọ́n máa ń dín tiwọn kù fún ẹgbẹ́.

ỌmọỌbańta

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé epo ló yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní 2024, ìpín epo ló ṣáájú gbogbo ọjà wa, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ pátápátá. Nínú àwòrán, epo wà ní òpin ìgbà tó gbóná. Ṣé ọrọ̀ ajé wa gbóná ní 2024 ni?

AlágbàtàÀná

Kò gbóná. Dọ́là ni epo ń gbà. Náírà jábọ́, iye tí wọ́n rí lórí ìwé pọ̀ sí i, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ wa sì ra oko epo lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń lọ lọ́dún yẹn. Ìbéèrè rẹ dáa, òun ló fi hàn pé àwòrán yẹn kì í ṣe tiwa.

Akọ̀wéẸgbẹ́

Mo ti tẹ gbogbo èyí jáde fún ìpàdé. Ohun tí mo máa gbé kalẹ̀ ni pé kí á má ta báńkì pátá. Kí á ta ìdá kan nínú mẹ́ta, kí á sì mú DANGCEM, WAPCO àti NESTLE, kí á wo ìwé ìṣirò ti ọdún mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí á tó yan. Ẹ̀gbọ́n ÀkáǹtìRẹ́mọ, ojú ewé wo ni èlé àti ìpàdánù dọ́là yẹn wà? Akápò wa kò tíì ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

ÀkáǹtìRẹ́mọ

Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ èrè àti àdánù ọdún sí. Lábẹ́ èrè tí iṣẹ́ mú wá, ẹ máa rí ìlà kan tí wọ́n kọ `Finance costs` sí, pẹ̀lú nọ́ńbà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló máa gbé yín lọ sí àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé, níbi tí wọ́n ti ya èlé sọ́tọ̀ kúrò lára ìpàdánù pàṣípààrọ̀ owó. Ẹ pín in pẹ̀lú èrè tí iṣẹ́ mú wá. Bí ó bá ju ìdajì lọ, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì kọ́kọ́ rà á.

ÌyáSìmẹ́ńtì

Mo ti tú ìwé mi o. Báàgì ọdún yìí lé díẹ̀ sí ti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń parí ilé ló rà á. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ò tíì kó nǹkan kan sílẹ̀.